Owó Náà, Àpò Ta Ni Yóò Wọ̀?

Bí àwọn olùdarí bá ń rò ó bóyá kí ilé iṣẹ́ wọn wọ ọjà ìpín ìdókòwò, ìbéèrè kan ló yẹ kó ṣáájú lójú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n máa kà: àpò ta ni owó yóò wọ̀?

Ẹ wo MTN Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ owó ìtanràn pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2016, wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò wọ ọjà náà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n tó wọ̀ ọ́, ní náírà 90 fún ìpín kan. Ṣùgbọ́n wọn ò ta ìpín tuntun kankan. Èyí tó ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ilé iṣẹ́ ò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ta ìpín fún ará ìlú ní ìparí 2021, ní náírà 169, MTN Group ti Gúúsù Áfíríkà, tó ni èyí tó pọ̀ jù, ló gbowó.

Bó bá jẹ́ owó láti fi gbòòrò ni wọ́n ń wá, ìpín tuntun ni wọ́n máa tà. Ká ní ìpín 800 ló wà, tí wọ́n fi 200 kún un: ẹni tó ni 400 tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìdajì, yóò wá ní 400 nínú 1,000. Lójú tèmi, ìlà yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n fi gègé pupa fà lábẹ́.