Kílò Ọmọ àti Nọ́ńbà Ara Ìgò: Bí A Ṣe Ń Lo Amọksisílìnì fún Ọmọ Tí Etí Ń Dùn

Ìwé ìlàlóye fún òbí àti alágbàtọ́ ní Aládé àti gbogbo Ìdànrè, tí ọmọ wọn ti pé oṣù méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún márùn-ún

Ọfìnkìn ló sábà máa ń ṣáájú. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so ẹ̀yìn imú pọ̀ mọ́ àárín etí. Ti ọmọdé kúrú, kò sì dagun bíi ti àgbà, nítorí náà kì í pẹ́ dí. Tó bá ti dí, omi á dá sẹ́yìn ìlù etí, kòkòrò àrùn á wọ inú omi náà, á sì di ọyún. Ara ọmọ á gbóná, á máa fa etí, kò ní sùn lóru. Nígbà mìíràn ìlù etí á lu, ọyún á tú jáde, ìrora á sì rọlẹ̀. Ẹ má rò pé àìsàn ti tán nígbà náà.

Fífa etí nìkan kò tó ẹ̀rí. Ọmọ tó ń hu eyín náà ń fa etí. Bẹ́ẹ̀ sì ni etí àwọn ọmọ mìíràn máa ń sàn láìlo oògùn apakòkòrò rárá. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera yẹ etí náà wò kí ẹ tó ra ohunkóhun ní kẹ́míìsì. Tí ọmọ kò bá tíì pé oṣù méjì, ìwé yìí kò kàn án. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Tí a bá ti rí i pé àárín etí ló ń ṣe ọmọ, amọksisílìnì ni oògùn tí a kọ́kọ́ ń fún un. Kílò ọmọ ló ń sọ iye tó máa mu, kì í ṣe bó ṣe ga tàbí bó ṣe sanra lójú. Kò sí àgbẹ̀ kòkó kan ní Aládé tó máa gbà kí oníbàárà fojú lásán díye lé àpò kòkó rẹ̀. Orí ìwọ̀n ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹ béèrè pé kí nọ́ọ̀sì wọn ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ bọ́ bàtà àti aṣọ tó wúwo kúrò lára rẹ̀. Kílò tí wọ́n kọ sínú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn ti yàtọ̀ sí ti òní.

Ìṣirò náà kò le. Fún kílò kan, ọmọ nílò bíi mílígíráàmù 40 láàárọ̀ àti 40 lálẹ́. Kí òṣìṣẹ́ má baà máa ṣe ìṣirò lọ́jọ́ gbogbo, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún tẹ̀ ní 2014 pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọmọ kílò 4 tí kò tíì pé 10 á mu mílígíráàmù 250 lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó pé kílò 10 tí kò tíì pé 14 á mu 500. Èyí tó wọn 14 sí 19 á mu 750. Gbogbo wọn á mu ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, àyàfi tí dókítà bá ní kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọwọ́ ti sábà máa ń yẹ̀ ni ara ìgò. Oríṣi ìgò amọksisílìnì méjì ló wà lórí àtẹ, wọ́n sì jọra. A kọ 125mg/5ml sára ọ̀kan, a kọ 250mg/5ml sára èkejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mílílítà márùn-ún inú ìgò kejì ní oògùn ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú ìgò kìíní. Nítorí náà, “ṣíbí kan” láìdárúkọ ìgò kì í ṣe ìtọ́ni rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún kan àbọ̀ kan tó wọn kílò 11. Ogójì lọ́nà 11 jẹ́ 440, ó sì bọ́ sí ọ̀wọ́ àwọn tó ń mu 500. Nínú ìgò 250mg/5ml, mílílítà 10 ni, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ márùn-ún á mu mílílítà 100, ìyẹn odindi ìgò kan. Nínú ìgò 125mg/5ml, mílílítà 20 ni lẹ́ẹ̀kan, ìgò méjì ló sì máa gbà. Mílílítà 20 pọ̀ fún ẹnu ọmọ, ó lè bì í, nítorí náà ẹ béèrè ìgò 250, tàbí hóró amọksisílìnì 250 tó ń yọ́ sínú omi. Méjì ni ọmọ yìí á lò lẹ́ẹ̀kan, nínú omi mímọ́ díẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí káńtà: “Ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.” Tó bá jẹ́ ìgò 125 ni, tí ṣíbí náà sì gba mílílítà márùn-ún, mílígíráàmù 375 péré ló ń wọ inú rẹ̀ lójúmọ́ dípò 1000. Oògùn kì í ráyè dé inú omi ẹ̀yìn ìlù etí bó ṣe ń dé inú ẹ̀jẹ̀, àwọn kòkòrò kan sì ti ń gbójú sí i. Èyí tó kéré jù á pa àwọn aláìlágbára, á fi àwọn tó le sílẹ̀. Ara á rọ ọmọ fún ọjọ́ méjì, etí á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹ̀fun ló wà nínú ìgò nígbà tí ẹ rà á. Ẹ gbọ̀n ọ́n kó tú. Ẹ da omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù sí i dé ìdajì, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ jẹ́ kí ìfófòó rọlẹ̀, kí ẹ wá bu omi kún un dé àmì ara ìgò. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe fi omi kún un mọ́ láéláé, kódà tí oògùn bá fẹ́ tán. Ẹ gbé e sí ibi tó tutù tí oòrùn kò dé, kí ẹ sì da èyí tó ṣẹ́kù nù lọ́jọ́ tí ara ìgò sọ. Ọ̀pọ̀ ni kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ méje.

Oògùn máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Tí ẹ kò bá gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó bù ú nígbàkígbà, omi dídùn lásán ni ọmọ á mu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí èyí tó le jù á sì kù sísàlẹ̀.

Ṣíbí inú ilé kò dọ́gba. Ti tíì, ti ọbẹ̀ àti ti ilé aládùúgbò, kálukú ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ béèrè síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ fa oògùn sínú rẹ̀, ẹ gbé e dọ́gba pẹ̀lú ojú yín níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí etí rọ́bà tó kan oògùn bọ́ sórí ìlà gan-an. Tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ sókè, ẹ ti afẹ́fẹ́ náà jáde, kí ẹ tún un wọ̀n. Síríńjì mílílítà márùn-ún á jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì fún ọmọ tó ń mu 10. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó, ẹ ki ẹnu síríńjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ẹ rọra máa tì í. Ẹ má dà á sínú odindi ife ẹ̀kọ. Tí ọmọ bá fi ẹ̀kọ sílẹ̀, ó fi oògùn sílẹ̀. Tó bá bì í láàárín ìṣẹ́jú 30, ẹ fún un ní òmíràn.

Ìrora kì í lọ lọ́jọ́ kìíní. Parasitamọ́ ló ń bá ọmọ dín in kù, kílò ni wọ́n fi ń wọn òun náà. Tí etí bá ń tú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ lọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fà á gbẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Òróró, ọmú tàbí ìtọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Etí tó ti ń tú fún ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn: oògùn ẹ̀kán la ń lò fún un, kì í ṣe amọksisílìnì, nítorí náà ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera.

Ẹ padà wá ní ọjọ́ karùn-ún tí ibà tàbí ìrora kò bá tíì lọ. Tí ara ọmọ bá yọ ìlé tàbí ètè rẹ̀ wú, ẹ dá oògùn dúró, ẹ gbé e wá kíákíá, kí ẹ sì sọ fún wa tí pẹnisílíìnì bá ti yọ ọ́ lẹ́nu rí. Tí ẹ̀yìn etí bá wú tó sì ń dùn ún, tàbí tí ọmọ kò lè mu omi, tí ó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tí gìrì mú un tàbí tí ó ń sùn láìjí dáadáa, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí Àkúrẹ́, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn àkọ́kọ́ kí ẹ tó wọkọ̀.