Kíka Àwòrán Àpótí àti Ìpinnu Lórí Iye Tí Ó Yapa: Iye Ènìyàn Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkó Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ kọ́ọ̀sì tí ó jẹ mọ́ dátà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń yọ iye tí ó bá jìnnà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dànù. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìdí tí iye kan fi yapa ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí. Dátà tí a lò ni iye ènìyàn ìjọba ìbílẹ̀ ogún Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkànìyàn 2006, láti inú àtẹ tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,013,534.

Kíka Àwòrán Náà

A to iye ogún náà láti orí èyí tí ó kéré jù, Ìbẹ̀jú-Lẹkí (117,481), dé orí Àlímọ̀ṣọ́ (1,277,714). Iye àárín, tí ó bọ́ sáàárín ìkẹwàá àti ìkọkànlá, jẹ́ 415,276. Òun ni ìlà inú àpótí. Iye àárín mẹ́wàá ìsàlẹ̀ jẹ́ 264,439, ti mẹ́wàá òkè sì jẹ́ 609,790. Àwọn ni etí àpótí méjèèjì. Ìkòròdú (535,619) wà nínú àpótí, Ẹ̀pẹ́ (181,409) sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Fífẹ̀ àpótí jẹ́ 345,351. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí John Tukey là sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1977, a sọ fífẹ̀ yìí di ìlọ́po kan àti ààbọ̀, a sì fi kún etí òkè. Ààlà òkè wá jẹ́ 1,127,817. Ìrù àpótí dúró lórí 684,105 ti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn tí kò kọjá ààlà. Àlímọ̀ṣọ́ nìkan ni ó dá dúró lókè. Ní ìsàlẹ̀, ààlà náà kéré ju òdo lọ, nítorí náà kò sí iye tí ó lè kọjá rẹ̀.

Yíyọ Tàbí Àìyọ

Àlímọ̀ṣọ́ kì í ṣe àṣìkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó wà nínú àtẹ. Bí a bá yọ ọ́, áfáréèjì yóò já láti 450,677 sí 407,148, ṣùgbọ́n iye àárín yóò sún díẹ̀ péré, sí 402,673. Ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan yóò sì di àwátì nínú iṣẹ́ tí ó ní òun ń ṣàlàyé Èkó. Ohun tí ó tọ́ ni kí a fi í sílẹ̀, kí a sì lo iye àárín.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ṣèèṣì fi òdo kan kún iye Ẹ̀pẹ́, tí ó di 1,814,090, òun náà yóò kọjá ààlà. Àwòrán kò ní fi ìyàtọ̀ hàn láàrin rẹ̀ àti Àlímọ̀ṣọ́. Àtẹ ìpìlẹ̀ ni yóò fi í hàn. Síbẹ̀, a kò ní yọ Ẹ̀pẹ́, a ó tún un kọ ni. Ìgbà tí a bá mọ̀ pé iye kan kò tọ̀nà, tí a kò sì lè rí èyí tí ó tọ̀nà mọ́, ni yíyọ tó yẹ, a ó sì sọ ọ́ nínú ìròyìn wa.

Ibi Tí Agbára Àwòrán Mọ

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ Ìkòròdú ní 353,619 dípò 535,619, àwòrán kò ní ta wá lólobó, torí pé iye náà ṣì wà nínú àpótí. Bákan náà, kò lè sọ bóyá ìkànìyàn fúnra rẹ̀ péye. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba àbájáde 2006 wọlé. Ó ní ìkà tirẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 17. Nítorí náà, iye tí kò yapa pàápàá nílò àyẹ̀wò.