Kànga Ẹ̀rọ Abúlé: Páńẹ́ẹ̀lì Sólà Mélòó Ni Yóò Tó?

Ohun mẹ́ta ló ń sọ iye páńẹ́ẹ̀lì tí yóò fa omi kànga ẹ̀rọ: omi tí àwọn ará abúlé ń lò lójúmọ́, ibi tí pọ́ǹpù ti máa gbé e dé ibi tó ń dà á sí, àti oòrùn inú oṣù tí òjò máa ń ṣú jù. Èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣì ṣírò ni ìkejì.

Ká mú abúlé kan ní ilẹ̀ alápáta Ìbàràpá, tí ènìyàn 600 wà níbẹ̀, tí oníkálukú ń lo lítà 20. Lítà 12,000 nìyẹn lóòjọ́. Kí wọ́n tó fa omi rárá, mítà 15 ni omi wà sí ojú ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á fún ọ̀pọ̀ wákàtí, lítà 4,000 ní wákàtí kan, ó lọ sílẹ̀ dé mítà 40 kó tó dúró, nítorí inú pàlàpálá àpáta ni omi ti ń ṣẹ́ wọlé. Mítà 40 yìí ni ká fi ṣírò. Bí orí táǹkì bá ga ní mítà 8, tí a sì fi mítà 2 sí i fún ìfàsẹ́yìn inú páìpù, gbogbo rẹ̀ di mítà 50.

Láti gbé lítà 1,000 ga ní mítà kan ń gba wáàtì-wákàtí 2.725. Nítorí náà 12 × 50 × 2.725 jẹ́ 1,635. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù àti mọ́tò rẹ̀ máa ń fi agbára ṣòfò. Bí ìdá 40 nínú 100 bá ṣe iṣẹ́ gidi, ohun tí wọ́n nílò yóò tó 4,100. Ní oṣù Ògọ́sì, ká ka oòrùn ọjọ́ kan sí wákàtí 3.5 ti oòrùn kíkún. Pípín rẹ̀ fún wa ní wáàtì 1,170. Eruku àti ooru lè jẹ ìdá mẹ́rin kan lára agbára páńẹ́ẹ̀lì, nítorí náà a nílò nǹkan bí 1,560: páńẹ́ẹ̀lì oní-wáàtì 330 márùn-ún. Bátìrì kò pọn dandan. Omi inú táǹkì ni ìpamọ́, kí ó sì gba èyí tó tó ọjọ́ méjì.

Lítà 12,000 láàárín wákàtí 3.5 jẹ́ nǹkan bí 3,400 ní wákàtí kan, èyí tí kànga náà lè gbé. Ká ní 2,500 péré ló ń mú wá ni, àfikún páńẹ́ẹ̀lì kò ní bu omi kún un.

Ẹni tó bá fi mítà 15 ṣírò yóò ra páńẹ́ẹ̀lì mẹ́ta. Ọ̀sán gangan nìkan ni omi yóò máa dé táǹkì, bóyá kò tilẹ̀ ní dé. Ìdàkejì rẹ̀ ni kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kó sì kú nígbà tí oòrùn bá mú jù, kó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Kànga ló ń gbẹ nínú irú ìyẹn, kì í ṣe oòrùn tó kéré. Kí wọ́n sọ okùn tí wọ́n sàmì mítà sí sínú kànga nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́: bí omi bá ti sún mọ́ ẹnu pọ́ǹpù, pọ́ǹpù kékeré tó ń fà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló yẹ ibẹ̀.