Kọ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀, Má Kọ Iye Tó Kù

Ká ní oko adìẹ kan wà tó ní ilé ìkẹ́rù kan àti ilé adìẹ méjì. Ṣadé ló ń mójú tó ilé adìẹ kìíní, Wálé ló ń mójú tó ìkejì. Ìwé ìṣirò kan náà ló wà lórí fóònù àwọn méjèèjì, Google Sheets, wọ́n sì ti tẹ ibi tí a kọ “Make available offline” sí, kó lè máa ṣiṣẹ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, 60 àpò oúnjẹ adìẹ ló wà nílẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ṣadé gbé àpò 4, ó pa 60 rẹ́, ó fi 56 sí i. Wálé gbé àpò 6. Lójú fóònù tirẹ̀, 60 ṣì ni, nítorí náà ó kọ 54. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé lálẹ́, ti Ṣadé kọ́kọ́ wọlé, ti Wálé tẹ̀ lé e. Ìwé wá ń sọ pé 54 àpò ló kù, bẹ́ẹ̀ 50 ló wà ní ilé ìkẹ́rù.

Àwọn méjèèjì ò ṣi ìṣirò. Ohun tó fà á ni pé nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ò sí, fóònù kọ̀ọ̀kan ń lo ẹ̀dà tó wà nínú ara rẹ̀, ó sì ń to àyípadà tí a bá ṣe jọ dìgbà tí ọ̀nà bá là. Bó bá wá ń fi wọ́n ránṣẹ́, kì í sọ pé “Wálé gbé àpò 6.” Ohun tó ń sọ ni pé “ojú ibí yìí ti di 54.” Ibi àkójọ ò mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá dé kẹ́yìn ló ń borí, ti ìṣáájú á sì pa rẹ́ láìsí ariwo.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ségesège pé kó máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀: −4, −6, +20 bí wọ́n bá já oúnjẹ tuntun. Alájọ náà kì í kọ àròpọ̀ sórí káàdì. Ìlà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fà, òpin oṣù ló ń kà á. Ẹ jẹ́ kí ìwé fúnra rẹ̀ ro iye tó kù.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó. Bí Ṣadé àti Wálé bá jọ ń kọ sí ojú ìwé kan, àwọn méjèèjì lè kọ sórí ìlà 15 láìmọ̀, wàhálà àná á tún padà. Kí kálukú ní ojú ìwé tirẹ̀, kí ẹlòmíì má fọwọ́ kàn án. Ojú ìwé kẹta ni yóò ro ti àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ 60 tí a fi bẹ̀rẹ̀:

```
=60+SUM(Sade!C2:C)+SUM(Wale!C2:C)
```

Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ìlà ló máa ṣáájú, S01, S02 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ àti aago á jọ tẹ̀ lé e nínú àpótí kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni iye àpò. Nọ́ńbà yìí wúlò gan-an fún ẹni tó jẹ́ pé bébà ló kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí nígbà tí bátìrì ti kú. Bí iná bá dé, tó ń dà á kọ sórí fóònù, tí iná tún lọ láàárín kan, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló máa sọ ibi tó dé. Bó bá ti da ìlà kan kọ lẹ́ẹ̀mejì, ìlànà yìí á fi hàn án, bí ẹ bá kọ ọ́ sí D2 tí ẹ sì fà á wá sí ìsàlẹ̀, yóò kọ TRUE sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà:

```
=COUNTIF(A:A,A2)>1
```

Ní ti aago, ìgbà tí wọ́n gbé àpò ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ń dà á kọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà á dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ tún máa wo ọjọ́ tó wà lójú fóònù lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kú pátápátá. Àwọn fóònù kan máa ń padà sí ọdún 1970, torí ibẹ̀ ni aago inú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìlà tó bá gbé irú ọdún bẹ́ẹ̀, aago ló bàjẹ́. Iye àpò tó wà níbẹ̀ lè tọ̀nà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ohun tí ẹ kọ ti wọlé? Ẹ má wo fóònù tí ẹ fi kọ ọ́, torí ẹ̀dà tirẹ̀ ló máa fi hàn yín, bóyá ó ti lọ bóyá kò tíì lọ. Fóònù ẹlòmíì tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí ẹ wò. Títí dìgbà náà, ẹ má yọ áàpù yẹn kúrò, ẹ má sì pa dátà inú rẹ̀ rẹ́ nítorí pé fóònù kún. Ohun tí kò tíì lọ á bá a lọ.

Ibì kan wà tí ọ̀nà yìí ò dé. Ó ń jẹ́ kí ìṣirò pé nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá pàdé, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún Wálé ní ọ̀sán pé Ṣadé ti gbé àpò mẹ́ta tó kẹ́yìn. Nígbà tí ọjà bá ti ń tán lọ, kó tó ṣèlérí oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, kó dé ilé ìkẹ́rù kó lọ kà á.