Nígbà Tí A Kò Tíì Mọ Ohun Tó Fa Jàǹbá

Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 737 kan tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Bellview gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Àbújá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn gbòde pé wọ́n ti rí i ní Kìṣí, níhà àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ yè é. Ẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Àmọ́ abúlé Lísà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Èkó, ni ọkọ̀ náà já sí, gbogbo èèyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló sì kú.

Bí ibi tí ọkọ̀ já sí, ohun téèyàn lè fojú rí, bá lè dàrú tó bẹ́ẹ̀, mélòómélòó wá ni ohun tó fà á, tí ojú kò lè rí? Báwo ló ṣe yẹ ká kọ ìròyìn irú jàǹbá bẹ́ẹ̀?

Àwa tá a máa ń kọ ìròyìn sábà máa ń rò pé tá a bá ti fi “a gbọ́ pé” tàbí “wọ́n ní” ṣáájú ọ̀rọ̀, ọrùn wa ti mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kàwé máa ń gbàgbé “a gbọ́ pé,” àmọ́ kì í gbàgbé bọ́ǹbù. Ta ni “wọ́n”? Bí kò bá sí ẹni tá a lè dárúkọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ kó mọ ohun tó ń sọ, ńṣe ni ká yọ gbólóhùn náà kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn kan tá a fúnra wa gbé kalẹ̀: “Ògbólógbòó bàálù kan bú gbàù lójú ọ̀run nígbà tí àrá ń sán.” Kò sí “nítorí pé” nínú rẹ̀, síbẹ̀ ohun mẹ́ta ló ti dá lẹ́bi. “Ògbólógbòó” ń nàka sí ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. “Bú gbàù” ń sọ pé inú afẹ́fẹ́ ló ti fọ́, kó tó kanlẹ̀. “Nígbà tí àrá ń sán” sì ń mú kí òjò dà bí ọ̀daràn. Bá a ṣe máa tún un kọ rèé: “Ọkọ̀ òfuurufú kan tó gbéra ní Èkó lọ sí Àbújá lálẹ́ Sátidé já ní abúlé Lísà. Èèyàn 117 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yè. A kò tíì mọ ohun tó fà á.” Bí òjò bá rọ̀ lóòótọ́, ẹ fi sí ìpínrọ̀ tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ńkọ́? Bí àgbẹ̀ kan bá sọ pé òun gbọ́ ìró ńlá, tóun sì rí iná, ẹ kọ ọ́, torí etí àti ojú rẹ̀ ló fi jẹ́rìí. Bó bá fi kún un pé bọ́ǹbù ni, èrò rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó sọ pé ọ̀tá ló ṣe é. Àlàyé lórí ohun tó fa jàǹbá lòun náà ń ṣe, kódà bí inú ilé ìjọsìn ló ti sọ ọ́.

Ibi tó ti máa ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni ni ọjọ́ kejì àti ìkẹta, nígbà tí kò sí ìròyìn tuntun. Lọ́jọ́ kìíní, a kọ “jàǹbá”, lọ́jọ́ kejì, àkọlé di “ìpakúpa”, lọ́jọ́ kẹta, “àìbìkítà.” Ìwádìí kò tíì kúrò lójú kan, ohùn wa nìkan ló gbóná sí i. Ọ̀rọ̀ tá a bá fi bẹ̀rẹ̀ ni ká máa lò nìṣó, nínú àkọlé àti nínú ìròyìn, kí gbólóhùn “a kò tíì mọ ohun tó fà á” má sì kúrò níwájú lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ohun tá a kọ́kọ́ kọ bá yí pa dà, bíi ti Kìṣí, ká sọ ní gbangba pé ó ti yí pa dà.

Ọ̀rọ̀ Lísà kò rọrùn fún ẹni tó ń wá ìdáhùn. Wọn ò rí àwọn ẹ̀rọ tó máa ń gba ohùn àwọn awakọ̀ àti ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀. Nínú ìròyìn tí àwọn olùṣèwádìí ìjọba wá gbé jáde níkẹyìn, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó dájú tó lè ṣàlàyé ohun tó fa jàǹbá náà. Torí náà, ẹni tó bá ń kọ nípa rẹ̀ lónìí kò lè kọ “a kò tíì mọ̀” mọ́, bí ẹni pé ìdáhùn ń bọ̀ lọ́nà. Ohun tó máa kọ ni pé: “Àwọn olùṣèwádìí kò rí ohun tó fà á.”