Ẹ Ka Ìwé Àdéhùn Iṣẹ́ Láti Ọjọ́ Ìkúrò

Ká sọ pé ọmọ yín ríṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn káàkiri Ìbàdàn. Wọ́n ti gbé ìwé àdéhùn fún un, ayọ̀ ò sì jẹ́ kó kà kọjá ibi tí wọ́n kọ iye owó sí. Ẹ jókòó tì í kó tó buwọ́ lù ú, kí ẹ jọ fa kókó mẹ́rin yọ sórí bébà kan: owó oṣù, sáà ìdánwò, nótíìsì àti ohun tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ṣe.

₦150,000 ni wọ́n kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti pín in: bésíìkì ₦60,000, owó ilé ₦40,000, owó ọkọ̀ ₦20,000, àjẹmọ́nú yòókù ₦30,000. Owó ìfẹ̀yìntì ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún yóò jáde lára mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn ₦9,600. Owó orí náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ₦150,000 ni yóò dé ọwọ́ rẹ̀.

Bésíìkì yìí tún ń jà lọ́jọ́ tó bá ń lọ. Ìwé náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí iṣẹ́ fún ẹnì kejì ní nótíìsì oṣù kan, tàbí kó san owó dípò rẹ̀. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó bo akọ̀wé àti àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kì í ka àjẹmọ́nú mọ́ owó ìdípò. Bí ìwé ò bá sọ ohun tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ₦60,000 ni yóò gbà. Òun náà ni yóò san bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni ìdánwò. Ibi tó léwu ni gbólóhùn tó ní kò tíì dòṣìṣẹ́ gidi àfi bí wọ́n bá fún un níwèé. Ilé ẹjọ́ ti sọ rí pé agbanisíṣẹ́ tó dákẹ́, tó sì ń sanwó lọ lẹ́yìn ìdánwò, kò lè padà wá sọ pé òun ò tíì gbà á. Síbẹ̀, ẹjọ́ máa ń pẹ́. Bí oṣù kẹfà bá ti pé, kó kọ lẹ́tà béèrè, kó sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́.

Ní ìparí ìwé, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ tú àṣírí oníbàárà. Ìyẹn tọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kò gbọ́dọ̀ bá olóògùn kankan ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó bá lọ. Èyí pọ̀ jù fún akọ̀wé. Ilé ẹjọ́ kì í fọwọ́ sí irú rẹ̀ àfi bí agbanisíṣẹ́ bá fi hàn pé ó mọ níwọ̀n, àti pé nǹkan gidi kan wà tó ń dáàbò bò. Òfin ìdíje òwò ti 2018 pàápàá, ọdún méjì ló fi ṣe gbèdéke. Kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in kù sí Ìbàdàn àti oṣù mẹ́fà, kí tọ̀tún tòsì buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n tún kọ.