Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Wá Lẹ́tà Nínú Fọ́tò Tí Òjìji Bo

Ìwé àtijọ́ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ṣí i sórí tábìlì, tí ẹ fi fóònù ya ojú ewé kan, etí ìta ewé náà á funfun báláú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ á máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ojú ènìyàn kì í ka èyí sí. A máa ń ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú òjìji bí a ṣe ń ka èyí tó wà nínú ìmọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Tí a bá ní kó wá gbogbo ibi tí lẹ́tà ẹ wà nínú fọ́tò náà, tí a sì fi ọ̀nà tó rọrùn jù lọ kọ́ ọ, ibi tí kò sí lẹ́tà kankan ni yóò kọ́kọ́ na ìka sí: àlàfo funfun tó wà létí ìwé.

Ohun tó fà á kò le rárá. Lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò jẹ́ ìlà lórí ìlà nọ́ńbà. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀kún tíntìntín kọ̀ọ̀kan tí fọ́tò pín sí, ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 0 tó dúdú kirikiri títí dé 255 tó funfun jù lọ. A óò gé lẹ́tà ẹ kan tó hàn dáadáa jáde nínú fọ́tò náà, ká ní ó fẹ̀ tó 30 píksẹ́lì, ó sì ga tó 40. Gígé yìí ni àwòṣe wa. Kọ̀ǹpútà á gbé àwòṣe yìí lé igun òkè fọ́tò, á wo bó ṣe bá ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mu, á kọ máàkì sílẹ̀, á sún un síwájú ní píksẹ́lì kan, á tún wò. Báyìí ni yóò ṣe títí yóò fi yí gbogbo ojú ewé ká. Ibi tí máàkì bá ti pọ̀ jù la ó gbà pé lẹ́tà náà wà.

Ọ̀nà tí a ń gbà fún un ní máàkì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó rọrùn jù ni kọrilẹ́ṣọ̀n lásán: mú nọ́ńbà píksẹ́lì àwòṣe, fi lọ́nà nọ́ńbà píksẹ́lì tó wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, kí o wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ni pé bí ńlá bá pàdé ńlá, tí kékeré pàdé kékeré, àròpọ̀ náà á pọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi píksẹ́lì mẹ́rin péré ṣe é, kí á lè fojú ara wa rí i. Ká ní ìlà kan nínú àwòṣe wa jẹ́ 200, 40, 160, 80: bébà, tàdáwà, etí tàdáwà tó ń ṣá, tàdáwà mìíràn. Tí àwòṣe yìí bá bọ́ sórí ibi tí a ti gé e gan-an, 200 lọ́nà 200, 40 lọ́nà 40, 160 lọ́nà 160 àti 80 lọ́nà 80, àròpọ̀ wọn jẹ́ 73,600. Ẹ wá gbé e lọ sí àlàfo etí ìwé, níbi tí gbogbo píksẹ́lì ti jẹ́ 220. Máàkì ibẹ̀ jẹ́ 105,600. Bébà òfìfo ti borí lẹ́tà gidi. Kò sí ìlà kankan nínú bébà yẹn tó jọ ẹ; ohun kan ṣoṣo tó fi gbégbá orókè ni pé ó mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà ńlá ń sọ ohunkóhun tó bá pàdé di ńlá, yálà ó jọ ọ́ tàbí kò jọ ọ́.

Àwọn kan lè ní, ó dáa, ká fo àwọn ibi òfìfo, ká wá fi òdiwọ̀n kan sílẹ̀: ohun tó bá ti ju 70,000 lọ, ẹ ni. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ibi tí wọ́n ti rán ìwé náà. Níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti dín sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó ń ta sí ojú fóònù sì ti fi nǹkan bí 30 kún gbogbo píksẹ́lì. Lẹ́tà ẹ tó jẹ́ 200, 40, 160, 80 ti di 130, 50, 110, 70. Máàkì rẹ̀ ti já sí 51,200. Bébà òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú òjìji kan náà ti di 140, òun sì gba 67,200. Bí a bá gbé òdiwọ̀n sókè, a ó pàdánù gbogbo lẹ́tà inú òjìji. Bí a bá gbé e wálẹ̀ kí ó lè gbà wọ́n, bébà inú òjìji á wọlé pẹ̀lú wọn. Kò sí nọ́ńbà kan tí a lè yàn tó máa tọ̀nà fún apá méjèèjì ojú ewé kan ṣoṣo, ká má tíì sọ fún fọ́tò méjì tí a yà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ohun tí a fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa wò kì í ṣe bí ibì kan ṣe mọ́lẹ̀ tó, bí kò ṣe bí dúdú àti funfun ṣe ń gùn tí wọ́n ń sọ̀ nínú ibẹ̀. Etí wa ti ń ṣe irú èyí sí ohùn ọ̀rọ̀ látijọ́. Ohùn ọmọdé ń dún sókè, ti bàbá àgbàlagbà ń dún nísàlẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà la ń gbọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, nítorí pé òkè àti ìsàlẹ̀ inú ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan la ń fi wé ara wọn, a kì í fi ohùn ọmọ wé ti bàbá.

Kọrilẹ́ṣọ̀n tí a wọ̀n dọ́gba ń ṣe nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ó ń yọ iye ààrin kúrò. Ààrin àwòṣe wa jẹ́ 120. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lára píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù ni 80, −80, 40, −40. Ààrin lẹ́tà inú òjìji jẹ́ 90. Ohun tó kù níbẹ̀ ni 40, −40, 20, −20. Ìmọ́lẹ̀ 30 tí fèrèsé fi kún un ti pòórá ní ìgbésẹ̀ yìí, nítorí pé ohun tí a bá fi kún gbogbo píksẹ́lì bákan náà, ààrin náà ló gbé e, ó sì bá ààrin lọ. Bí a bá wá fi àwọn ìyókù yìí lọ́nà ara wọn, tí a rò wọ́n pọ̀, a ó rí 8,000.

Èkejì, ó ń pín 8,000 yẹn pẹ̀lú bí nǹkan ṣe ń gùn tó tó sì ń sọ̀ tó ní ìhà méjèèjì. Ní ìhà àwòṣe, fi ìyókù kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀, kí o rò wọ́n pọ̀: 16,000. Ní ìhà òjìji: 4,000. Fi ọ̀kan lọ́nà èkejì, ó di 64,000,000. Nọ́ńbà tí a bá fi lọ́nà ara rẹ̀ tó máa fún wa ní èyí ni 8,000. Pín 8,000 pẹ̀lú 8,000, ìdáhùn jẹ́ 1. Máàkì tó ga jù lọ nìyẹn, òun gan-an sì ni lẹ́tà tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ gbà. Ìdínkù ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì ti lọ pẹ̀lú pínpín yìí. Òdo túmọ̀ sí pé wọn kò bá ara wọn tan. −1 sì túmọ̀ sí pé ibi tí àwòṣe ti dúdú gan-an ni ibẹ̀ ti funfun.

Lára irinṣẹ́ OpenCV tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ìlà kan ló gbà:

```
r = cv2.matchTemplate(foto, awose, cv2.TM_CCOEFF_NORMED)
```

Ẹ ṣọ́ra níbi orúkọ tó kẹ́yìn. Ìbejì rẹ̀ kan wà, `TM_CCORR_NORMED`, tó ń pín ṣùgbọ́n tí kì í yọ ààrin kúrò. Bí a bá fi í gbéṣẹ́, lẹ́tà inú òjìji wa gba nǹkan bí 0.99, bébà òfìfo sì gba 0.88. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo ojú ewé yín ló ń gba máàkì tó ga, títí kan ibi tí kò sí nǹkan, ẹ lọ wo orúkọ tí ẹ kọ síbẹ̀.

Yíyọ ààrin fún gbogbo ibi tí àwòṣe bá dúró lè gba àkókò púpọ̀. Fọ́tò tó ní 3,000 lọ́nà 2,000 píksẹ́lì ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ibùdúró, ìkọ̀ọ̀kan sì ní píksẹ́lì 1,200 nínú. Ní 1995, J. P. Lewis tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi ọ̀nà àbùjá hàn, ó sì dán an wò lórí àwòrán sinimá Forrest Gump, níbi tí wọ́n ti nílò kí kọ̀ǹpútà máa tọpa nǹkan láti fọ́tò dé fọ́tò. A óò kọ́kọ́ ṣe tábìlì kan, tí àyè kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní àròpọ̀ gbogbo píksẹ́lì tó wà lókè rẹ̀ àti lápá òsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àròpọ̀ inú fèrèsé èyíkéyìí kò ju nọ́ńbà mẹ́rin tí a ó mú láti igun mẹ́rin rẹ̀, tí a ó rò tí a ó sì yọ, ì báà jẹ́ fèrèsé kékeré tàbí ńlá.

Kọrilẹ́ṣọ̀n yìí ní ibi tó ń kùnà, ó sì yẹ kí á mọ̀ ọ́n. Bébà òfìfo tí gbogbo píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 220 kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀; a ó máa fi òdo pín òdo. Bí ariwo kámẹ́rà bá sọ ọ́ di 221, 219, 220, 220, kọrilẹ́ṣọ̀n á fẹ ariwo yẹn lójú, á sì fún un ní 0.89. Nínú àwòṣe tó ní píksẹ́lì 1,200, ó ṣòro kí ariwo ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀, máàkì rẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí òdo. Fún àwòṣe kékeré, ewu gidi ni. Ohun tí mo gbà pé ó dára jù ni kí á wo bí nǹkan ṣe ń gùn tó nínú fèrèsé kọ̀ọ̀kan ná, kí á fo èyí tó bá pẹrẹsẹ jù. Òjìji ìka ọwọ́ tó gba àárín lẹ́tà kọjá tún jẹ́ ọ̀tọ̀: ìdajì lẹ́tà ṣókùnkùn, ìdajì mọ́lẹ̀, kò sí iye ààrin kan tó lè tún méjèèjì ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ débi pé gbogbo nǹkan ti kan 255. Ohun tó ti sọnù níbẹ̀, ìṣirò kò lè dá a padà. Ìwé tó sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí a yà láti ibi tó jìn ju ti àwòṣe lọ, á dín máàkì kù láìjẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Fún ìwé Yorùbá, ìṣòro tó le jù wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Ká ní nínú píksẹ́lì 1,200 àwòṣe ẹ, tàdáwà gba 300, àmì abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 25 nínú wọn. Bí àwòṣe yìí bá bọ́ sórí e tí kò ní àmì lábẹ́, máàkì rẹ̀ á tó 0.94. Ẹ gidi tí tàdáwà rẹ̀ ti ṣá lè má gbà tó bẹ́ẹ̀. Kò sí òdiwọ̀n tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tó bá sì pàdánù àmì abẹ́ rẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ méjì ló yẹ. Ẹ fi àwòṣe tí kò ní àmì lábẹ́ wá ara lẹ́tà náà, kí ẹ wá wo kìkì àyè kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ má ṣe lo kọrilẹ́ṣọ̀n tí a wọ̀n dọ́gba mọ́, nítorí pé bí àmì kò bá sí, bébà pẹrẹsẹ ni, ariwo rẹ̀ ni yóò sì gba máàkì. Ẹ mú ìmọ́lẹ̀ bébà tó yí lẹ́tà náà ká àti dúdú tàdáwà tó wà lára lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, kí ẹ wo èyí tí àyè abẹ́ rẹ̀ sún mọ́ jù. Àwọn méjèèjì wà nínú òjìji kan náà pẹ̀lú rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ òjìji kò ní ọ̀nà tó lè gbà da ìdáhùn náà rú.